Títọrọ Ọjọ́ Mẹ́rin Kì í Ṣe Ìgbéraga

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ láti Ọba Akran títí dé Ọ̀gbà: "Bí o ò bá fẹ́, àwọn mìíràn wà ní géètì." Bí ọ̀dọ́ bá ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ kí òun tó gba iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ òun, wọ́n á ní ó ń gbéra ga, wọ́n á ní kò moore. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwa tí à ń wáṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Agége lára. Bí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ kan bá dé nígbà tí à ń retí èsì òmíràn, ọ̀pọ̀ wa á dákẹ́ títí ọjọ́ á fi kọjá. Àwọn kan á sọ pé àwọn gbà lónìí, wọ́n á sì pòórá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwa ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ọ̀nà kẹta la fẹ́ gbèjà: ká béèrè àkókò, ká dárúkọ ọjọ́, ká sì dáhùn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò. Ọ̀pọ̀ rò pé téèyàn bá ti béèrè àkókò, ó ti kọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1880, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òfin àdéhùn wa ti ṣẹ̀ wá, ẹnì kan fi irin lọ àwọn oníṣòwò kan, ó sì dá iye lé e. Àwọn yẹn béèrè bóyá ó lè fún àwọn láyè oṣù méjì láti máa gba irin náà. Ó ka ìbéèrè yẹn sí kíkọ̀, ó tà á fún ẹlòmíràn. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi: wọ́n ní ìbéèrè lásán kì í ṣe kíkọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ní "iye tiwa nìyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò rà" ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Àmọ́ òfin kan náà fún ilé-iṣẹ́ lágbára pẹ̀lú. Kó tó di pé o gbà, wọ́n lè fa lẹ́tà wọn padà, kódà bí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á dúró dè ọ́ di Ọjọ́bọ̀, nítorí pé o ò san ohunkóhun fún ìlérí yẹn. Torí náà, ewu díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí a ṣe máa béèrè ló máa sọ bí ewu náà ṣe máa tóbi tó.

Ká ní ọmọbìnrin kan ń gbé ní Agége. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ilé-iṣẹ́ kan ní Ọba Akran fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i: ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì ni kó máa bójú tó, ṣíìfù wákàtí 12, owó oṣù 110,000 náírà. Wọ́n fẹ́ èsì ní Ọjọ́ Ajé. Ní Àgídíńgbì, ó ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó kẹ́yìn fún iṣẹ́ àyẹ̀wò ọjà, ṣíìfù wákàtí 8, 140,000 náírà. Wọn ò tíì dáhùn.

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe kó kọ̀wé sí Ọba Akran. Àgídíńgbì ni kó kọ́kọ́ pè, lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti fún mi ní lẹ́tà, wọ́n sì fẹ́ èsì ní Ọjọ́ Ajé. Ọ̀dọ̀ yín ló wù mí jù. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo ni mo lè retí ìdáhùn yín?" Bí wọ́n bá ní Ọjọ́rú, ó ti ní ọjọ́ kan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní "a máa pè ọ́" lásán, tí wọn ò dárúkọ ọjọ́ kankan, kò sí nǹkan tó ń dúró dè nìyẹn. Kó má fi lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kó wo ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú lẹ́tà Ọba Akran. Ohun tó ń lé ilé-iṣẹ́ léré ni ọjọ́ àyẹ̀wò ara àti ọjọ́ tí wọ́n máa kó àwọn tuntun jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí ìyẹn bá ṣì ku ọjọ́ 17, Ọjọ́ Ajé tí wọ́n dá kì í sábà le tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ó le lóòótọ́. Ti ọmọbìnrin wa ṣì ku ọjọ́ 17, ó wá kọ ímeèlì yìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí mo gbà lónìí. Iṣẹ́ náà wù mí. Mo ń retí èsì kan láti ibòmíràn, mi ò sì fẹ́ ṣe ìlérí tí mi ò ní lè mú ṣẹ. Ǹjẹ́ ẹ lè fún mi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá? Kò ní dí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè fún yín lésì ní Ọjọ́ Ajé."

Ó béèrè Ọjọ́bọ̀ torí pé èsì Ọjọ́rú lè fi ọjọ́ kan falẹ̀. Kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kejì, kò sì purọ́ pé ìyá àgbà ń ṣàìsàn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: ó fi hàn pé kò kọ iṣẹ́, kò sì halẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí Àgídíńgbì ò bá pè mí láéláé, ṣé mo lè ṣe iṣẹ́ yìí? Bí Ọjọ́bọ̀ bá sì dé tí Àgídíńgbì ò dáhùn, kó má tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kejì. Kó gbà tàbí kó kọ̀. Bó bá gbà, kó sọ fún Àgídíńgbì pé òun ti ríṣẹ́.

Àwọn àgbà á ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọjọ́ mẹ́rin kò lé eku méjì. Ó fẹ́ mọ èyí tí òun máa lé ni. Ẹni tó gba iṣẹ́ Ọba Akran lónìí, tó ṣì ń yọjú sí Àgídíńgbì, òun gan-an ló ń lé méjì. Nígbà tó bá sì pòórá, ẹni tí wọ́n fi ipò rẹ̀ dù ti gba ibòmíràn lọ.

A mọ̀ pé ọ̀nà yìí kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí kọngílá ń mú ní géètì láàárọ̀ kùtùkùtù, tí wọn ò fún ní ìwé kankan, kò ní ẹni tó máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tówó ilé rẹ̀ ti pé kò gbọ́dọ̀ fi Ọjọ́bọ̀ ṣeré.

Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́ tiyín. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 11, ní tí òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe akọ̀wé ò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti fòpin sí àdéhùn. Ẹ lè fọjọ́ kan lé wa lọ. Ẹni tó lè fọjọ́ kan léni lọ, kí ló dé tí ọjọ́ mẹ́rin ṣe ń dùn ún? Ó sàn kẹ́ ẹ gbọ́ "ẹ fún mi di Ọjọ́bọ̀" lónìí ju kẹ́rọ yín dúró láìsí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.