Ta Ló Sọ Ọ́ Ní Abẹ́rẹ́ Òtútù Àyà?

Lọ́jọ́ kan lọ́jà Ṣàngó, ìyá aláta kan ń bínú. Gbogbo abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ ló pé, síbẹ̀ wọ́n ní òtútù àyà ló ń ṣe é. "Abẹ́rẹ́ òtútù àyà tí wọ́n gún un ńkọ́?" A ò bá a jiyàn. Lójú àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, orúkọ yẹn ló tàn án jẹ.

Abẹ́rẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Pẹ́ńtà dé Nàìjíríà ní 2012, Híìbù sì wà lára àwọn kòkòrò márùn-ún tó ń bá jà. Pí-Sí-Fí tẹ̀ lé e ní 2014, ti numokókọ́ọ̀sì nìyẹn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń gún wọn fún. Ṣúgà ni àwọn kòkòrò méjèèjì fi bo ara, ara ọmọ ọwọ́ kì í sì í tètè dá ṣúgà yẹn mọ̀ lọ́tàá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó mọ́ purotéènì nínú abẹ́rẹ́, kí ara ọmọ lè fura sí i.

Ṣùgbọ́n kòkòrò mìíràn pọ̀ tó ń fa òtútù àyà. Numokókọ́ọ̀sì nìkan ní ẹ̀yà tó lé ní 90, díẹ̀ nínú wọn ni Pí-Sí-Fí mọ̀.

Ẹ wo Gáńbíà. Láàárín 1993 sí 1995, wọ́n pín ọmọ tó lé ní 42,000 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba abẹ́rẹ́ Híìbù, àwọn yòókù ò gbà á. Òtútù àyà tó hàn nínú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó gbà á. Ìyẹn ni pé níbi tí ọmọ 100 ì bá ti ní in, 79 ló ní in. Ìyá tó ni ọ̀kan nínú 79 náà mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ ọmọ 21 tí àrùn ò ṣe? Ìyá wọn gan-an ò mọ̀.

Lẹ́yìn tí Gáńbíà sọ abẹ́rẹ́ náà di ti gbogbo ọmọ ní 1997, Richard Adégbọlá (ọmọ wa ni o) àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀fun àwọn ọmọ kéékèèké wò. Tẹ́lẹ̀, ọmọ 12 nínú 100 ló ń gbé Híìbù kiri. Nígbà tó yá, kò pé ọ̀kan nínú 100 mọ́. Ẹ̀gbọ́n tí kò gbé e wálé kò lè kó o ran àbúrò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6.

Ewu orúkọ yẹn ni pé ìyá tó gbà á gbọ́ lè rí ọmọ oṣù márùn-ún tó ń mí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, kó ní ikọ́ lásán ni, ó ṣáà ti gba abẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó máa sáré lọ.

Èyí tí a dábàá ni "abẹ́rẹ́ adín-òtútù-àyà-kù". Ó gùn, a mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, tí kò sì parọ́, kó mú un wá.