Èrè Ni Àbí Ojú Owó?

Bí ọdún bá ń lọ sópin, àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Ọjàaba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrunká á jókòó pín èrè. Èyí tó bá fi owó ra bọ́ǹdì ìjọba nínú wọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá akápò wọn, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè jẹ ojú owó láìmọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ kì í gbé bọ́ǹdì tuntun jáde nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n tún ń tà, èlé tí wọ́n ti kọ sí i kò sì yí padà. Iye tí wọ́n ń tà á ló ń yí. Bí èlé ọjà bá ju tirẹ̀ lọ, a óò rí i rà lẹ́dìnwó. Bí ti ọjà bá rẹlẹ̀, a óò san ju iye ojú ìwé lọ.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ra bọ́ǹdì mílíọ̀nù kan náírà tó ku ọdún mẹ́ta, tó ń san èlé 14 lórí 100 lọ́dọọdún, nígbà tí èlé ọjà jẹ́ 12. Náírà 1,048,037 ni wọn yóò san. Lọ́dún kìíní, 140,000 á wọlé. Bí wọ́n bá pín gbogbo rẹ̀, wọ́n ti ṣìṣe. Èlé 12 lórí owó tí wọ́n san, ìyẹn 125,764, nìkan ni èrè. 14,236 tó kù jẹ́ owó tiwọn tó ń padà bọ̀ wálé. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye bọ́ǹdì náà nínú ìwé, yóò ku 1,033,801, orí èyí ni wọn yóò sì ti ṣírò 12 ti ọdún kejì. Bẹ́ẹ̀ ni iye náà á ṣe máa sọ̀ kalẹ̀, títí yóò fi bá mílíọ̀nù kan tí ìjọba máa san pàdé lọ́jọ́ tó bá pé. Bí ìwé ẹgbẹ́ yín bá ṣì ń pe bọ́ǹdì náà ní 1,048,037 lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ béèrè. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn ló máa bá wọn ru 48,037 tí àwọn ará iwájú ti jẹ.

Àwọn kan á kàn pín 48,037 sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba. Lórí owó kékeré, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kí èrè dúró sórí 12 lọ́dọọdún.

Ẹ̀dínwó náà ní ìṣirò tirẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2011, Nàìjíríà gbé Yúróbọ́ǹdì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde: mílíọ̀nù 500 dọ́là, fún ọdún mẹ́wàá, ní èlé 6.75. Èlé 7 ni àwọn tó rà á ń fẹ́, nítorí náà nǹkan bí mílíọ̀nù 491 ni iye tí wọ́n rà á. Lóṣù kìíní ọdún 2021, ìjọba san 500 pé. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó wà láàárín kì í ṣe ìnáwó ọdún 2021 nìkan. Èlé ni, ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ni ín, díẹ̀díẹ̀ ló sì yẹ kí gbèsè náà máa ga nínú ìwé láti 491 títí dé 500.

Ẹgbẹ́ tó bá ra bọ́ǹdì lẹ́dìnwó wà ní òdìkejì ìṣirò yìí. Bí akápò bá dúró dìgbà tó pé kó tó ka ẹ̀dínwó sí èrè, ìyá aláṣọ tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún kejì á gba ìpín rẹ̀ láìpé, àwọn tó kù ni yóò sì pín èyí tó jẹ́ tirẹ̀.