Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ Àwá Dé: Lórí Síìfì Olójú-Ìwé Mẹ́fà

Síìfì olójú-ìwé mẹ́fà kì í ṣe àmì ìrírí. Àmì pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì pinnu ohun tó ń wá ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn ẹ̀gbọ́n kan nínú, pàápàá àwọn ẹnjiníà tó ti lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àwọn fákitírì Ṣàngó Ọ̀tà, tí wọ́n wá fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ bọ́ sórí àga máníjà. Kí inú ó bí wọn díẹ̀ ná. Ó sàn ju kí ìwé wọn máa wọ inú páànù ìdọ̀tí lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa rò pé ayé ló ń bá wọn jà.

Ẹ dé Joju láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ wo àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà lẹ́bàá títì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn síìfì wọ̀nyí ti ń jáde. Ẹni tó ń tẹ̀wé á sọ fún yín pé, “Ọ̀gá, ẹ fi kún un, kó lè wúwo.” Ẹ̀yin náà á wá fi kún un: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èsì wáẹ̀kì, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, iye ọmọ, bọ́ọ̀lù wíwò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí pípa iná. Ẹ má gbàgbé pé iye ojú ìwé ni wọ́n fi ń ka owó yín níbẹ̀. Ẹni tó ń gbowó lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣé òun ló máa sọ fún yín pé kí ẹ gé e kúrú?

Àwọn kan á ní, “Òógùn ojú mi ni gbogbo rẹ̀. Tí mo bá gé e, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ ara mi nù?” Rárá o. Ìwé yìí kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé yín. Ìdáhùn ni, sí ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn ẹni tó ń kà á: ṣé a lè fi èèyàn àti owó sí ìkáwọ́ ẹni yìí? Gbogbo ìlà tí kò bá dáhùn ìbéèrè yẹn ń dí èyí tó ń dáhùn ẹ̀ lójú ni.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tú u palẹ̀. Ká ní ẹnjiníà kan wà tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjìlá nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike omi l'Ọ́tà. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ike, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, àti jẹnẹrétọ̀. Ó fẹ́ di máníjà ìtọ́jú ẹ̀rọ. Ohun tó kọ sínú síìfì rẹ̀ rèé (Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ló ń ṣe é ní èdè méjèèjì): “A máa ń ṣe àtúnṣe gbogbo ẹ̀rọ. A máa ń rí i dájú pé iṣẹ́ ń lọ geerege. Mo tún máa ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn fún mi.”

Ta ni “a” yẹn? Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà, ilé la sì ti kó o bọ̀. Wọ́n ti kọ́ wa pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé”. Bí èèyàn márùn-ún bá ṣe iṣẹ́ kan, ẹni tó ń kàwé fẹ́ mọ ipa tí ẹ̀yin kó nínú rẹ̀: ṣé ẹ̀yin lẹ di sípánà mú ni, àbí ẹ̀yin lẹ pinnu pé kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró? “A” bo ìyàtọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ó ń fi ọ̀lẹ pa mọ́, ó sì ń fi akínkanjú pa mọ́.

Nítorí náà, kí ẹnjiníà wa mú bírò, kó fi ìbéèrè mẹ́ta yẹ ọdún méjìlá rẹ̀ wò. Èèyàn mélòó ló ń gba àṣẹ lẹ́nu mi? Owó wo ló gba ọwọ́ mi kọjá kí wọ́n tó ná an? Ìpinnu wo ló jẹ́ tèmi, tó jẹ́ pé tí mo bá ṣì í, èmi ni wọ́n máa pè? Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé òun ò tíì ṣe máníjà rí ti ń ṣe é láìgba orúkọ rẹ̀. Ó ń pín àwọn tẹkiníṣíànù mẹ́fà sí iṣẹ́ òwúrọ̀ àti iṣẹ́ alẹ́. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọọdún. Nígbà tí máníjà lọ ìsinmi oṣù mẹ́ta, òun ló dúró sípò. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “adelé máníjà, oṣù mẹ́ta”. Kó má kọ “máníjà” o. Ìpè tẹlifóònù kan ṣoṣo sílé-iṣẹ́ àtijọ́ ti tó láti tú irọ́ yẹn fó.

Ẹ̀yìn èyí ló kan iye. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rí i. Ká ní ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìdádúró ẹ̀rọ fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ike dúró fún wákàtí 40 lóṣù, tí a bá pín in dọ́gba. Ẹnjiníà wa wo ìdí rẹ̀, ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìdádúró náà wá láti ara afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí omi wọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ lásìkò. Ó ṣe àtẹ ìtọ́jú ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ó fi tẹkiníṣíànù kan sídìí rẹ̀, ó sì gba àṣẹ kí asẹ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ máa wà ní sítọ́ọ̀ nígbà gbogbo. Ní oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ìdádúró wálẹ̀ sí wákàtí 14 lóṣù. Wákàtí 26 ló jèrè yẹn. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣe ike 4,000 ní wákàtí kan, ike 104,000 nìyẹn lóṣù.

Ìlà rẹ̀ wá di: “Mo darí tẹkiníṣíànù mẹ́fà, mo dín ìdádúró ẹ̀rọ kù láti wákàtí 40 sí 14 lóṣù nípa ṣíṣe àtẹ ìtọ́jú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.” Ìlà kan péré. Èèyàn wà níbẹ̀, ìpinnu wà níbẹ̀, èsì wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mi ò kọ ike 104,000 síbẹ̀. Tí kò bá sí oníbàárà tó máa ra ike yẹn, tàbí tí iná kì í sí láti fi ṣe é, ilé-iṣẹ́ kò jèrè rẹ̀. Ẹ fi í sínú àpò, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín léèrè. Ẹ má sì mú oṣù kan tó dáa jù, kí ẹ wá pè é ní ìṣe yín. Oṣù mẹ́fà ṣáájú, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn: ẹni tó bá mọ fákitírì mọ̀ pé oṣù kan lè dáa láìsí ìdí.

Mo tún ní ìjà kan pẹ̀lú àwọn tó ń fi náírà yangàn. “Mo bá ilé-iṣẹ́ fi mílíọ̀nù márùn-ún pa mọ́.” Lọ́dún wo? Oṣù kẹfà 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,400 nígbà tó fi di oṣù kejì 2024. Mílíọ̀nù márùn-ún ọdún 2018 kì í ṣe ẹgbẹ́ ti òní mọ́. Ẹni tó bá kà á lónìí á rò pé owó kékeré lẹ fi ń ṣe fáàrí. Lítà dísù kì í yí padà. Wákàtí kì í yí padà. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kì í yí padà. Ẹ kọ “mo dín dísù tí à ń lò kù ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún”, bó bá jẹ́ òótọ́ ni o, ẹ̀rí yín kò ní bá náírà ṣubú. Ó tún ní àǹfààní kejì: kò tú àṣírí owó ilé-iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń bá ṣiṣẹ́.

Àwọn kan wà lódìkejì tí mi ò gba tiwọn náà. Àwọn wọ̀nyí ti gbọ́ pé máníjà ń sọ̀rọ̀ bíi máníjà, ni wọ́n bá pa gbogbo ẹ̀rọ rẹ́, wọ́n kọ “aṣáájú tó mọ ìran rí, ẹni tó ń bá èèyàn ṣe dáadáa, tó ń fojú sí èsì”. Ariwo lásán. Ẹ fi èyí dán ìlà kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ẹnjiníà mìíràn ní Agbára lè kó o sínú síìfì tirẹ̀ láìyí ohunkóhun padà? Tó bá lè kó o, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má sì sá fún ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀ka ìtọ́jú ẹ̀rọ lé yín lọ́wọ́ fẹ́ mọ̀ pé tẹkiníṣíànù kò ní lè purọ́ fún yín. Ìlà kan tàbí méjì lórí iṣẹ́ ọwọ́ ti tó láti fi hàn bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, ojú ìwé méjì á gba gbogbo rẹ̀. Lókè: orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì, àti ìlà mẹ́ta tó sọ ohun tí ẹ jẹ́ àti ipò tí ẹ ń wá. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún bíi ti òkè yẹn. Iṣẹ́ tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìlà kan ti tó fún un. Nísàlẹ̀: oyè yunifásítì tàbí pólì, àti ìforúkọsílẹ̀ Kórẹ́ẹ̀nì, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Ẹ má gé ìyẹn. Ẹ má gé ọdún àgùnbánirọ̀ náà, torí wọn á béèrè rẹ̀ níbí. Ìlà kan ni. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìbí àti ìjọba ìbílẹ̀, fọ́ọ̀mù wọn máa ní àyè fún un. Ibẹ̀ ni kó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ìwé mẹ́fà yẹn kì í pa ọ̀lẹ lára. Ọ̀lẹ kò ní ohun tó máa sọnù nínú rẹ̀. Ẹni tó dín ìdádúró ẹ̀rọ kù sí wákàtí 14 ló ń pa lára, torí pé ojú ìwé karùn-ún ló kọ ọ́ sí, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù wíwò àti èsì wáẹ̀kì, ó sì tún pe ara rẹ̀ ní “a”. Ẹlòmíì tí kò tó o níṣẹ́ á gba àga náà, á sì di ọ̀gá rẹ̀. Ẹ gé e.