Ẹ Wọn Bátìrì Kí Ẹ Tó Sanwó Sólà

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa pé ẹ̀tàn ni sólà, pé àwọn olówó ló wà fún. Àwa kò gbà. Kì í ṣe sólà ló ń mú àwọn ènìyàn wa pàdánù. Bátìrì tí wọ́n rà ni, àti owó èlé tí wọ́n fi rà á.

Ẹ jẹ́ ká ka owó. Kí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà epo kan kò tó ₦200. Ọdún yẹn kan náà ló kọjá ₦600. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, a jókòó ti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta léèsì, a sì ṣírò owó rẹ̀. ₦900 ló ń ra lítà kan nígbà náà. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣókùnkùn, oníbàárà kò lè mọ àwọ̀ léèsì láìsí iná. Gílóòbù mẹ́ta, fáànù kan àti fóònù ló ń lo iná, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ ló ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó sì ń mu lítà mẹ́ta. ₦2,700 nìyẹn. Ọjọ́ 26 tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lóṣù, ó di ₦70,200. Ẹ fi ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì kún un, ó tó ₦76,000. Kò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń ra epo!

Sólà rẹ̀ wá ńkọ́? Pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì jẹ́ ₦110,000. Bátìrì lítíọ́mù 100 jẹ́ ₦320,000. Ínfátà àti kọntiróòlà tó ń bójú tó iná tó ń wọ bátìrì jẹ́ ₦150,000. Wáyà, irin orí òrùlé àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦630,000. Kò ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ o, torí nígbà òjò oòrùn kì í tó, epo nǹkan bí ₦6,000 ṣì ń lọ lóṣù. ₦70,000 ló wá ń kù sí i lọ́wọ́. Oṣù mẹ́sàn-án, owó rẹ̀ ti padà.

Àjọ ló fi rà á, nígbà tó kàn án. Ibí yìí gan-an la fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ká ní ọ̀dọ̀ olówó èlé tó ń gba náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ló lọ, tí kò sì ní dín èlé náà kù títí owó fi tán, ₦31,500 ìbá máa jáde lóṣooṣù. ₦38,500 péré ló máa kù. Oṣù mẹ́sàn-án á di oṣù mẹ́rìndínlógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló wá jèrè sólà náà?

Ẹnìkejì ra bátìrì mọ́tò ní ₦120,000, ó ní òun jẹ èrè ₦200,000. Bátìrì mọ́tò wà fún kí ó fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì jí, kò wà fún kí a máa fà á tán lójoojúmọ́. Oṣù keje, kò gbé fáànù fún wákàtí kan mọ́. Tó bá ra ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì, ₦360,000 ti lọ, ó ti ju ti lítíọ́mù lọ. Òun náà ló ń pariwo káàkiri pé sólà kò dára!

Àwọn kan tún ń lẹ ìwé lítíọ́mù mọ́ ohun tí kì í ṣe lítíọ́mù. Òṣùwọ̀n wà lọ́jà, ẹ gbé e lé e. Lítíọ́mù 100 kì í sábà ju kìlógíráàmù méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ. Bátìrì olómi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ súnmọ́ ọgbọ̀n. Bó bá wá fúyẹ́ bíi kìlógíráàmù márùn-ún, inú rẹ̀ ṣófo ni. Pánẹ́ẹ̀lì náà, 400 tòótọ́ gùn tó ènìyàn, ó sì wúwo tó nǹkan bí ogún kìlógíráàmù. Èyí tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, irọ́ ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja yìnyín, a ò ní tàn yín. Èyí tí a ṣírò yìí kò lè gbé fírísà. Oníṣẹ́ iná tó bá ní yóò gbé e, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀. Ti fírísà ní ìṣirò tirẹ̀, a ó mú un wá sí ìpàdé.