Kí ìjọba tó ra ẹ̀rọ tí yóò máa tú àṣírí ayédèrú òṣìṣẹ́

Ká ní ilé iṣẹ́ kan lọ bá kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn ní ẹ̀rọ tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI. Wọ́n ní yóò yẹ ìwé owó oṣù wò, yóò sì tú àṣírí àwọn ayédèrú òṣìṣẹ́ síta, pé àṣìṣe rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba tó ti rẹ̀ láti máa sanwó fún àwọn tí kò wá síbi iṣẹ́ rí máa fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìṣirò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń tajà kì í sábà ṣe fún oníbàárà.

Bí òṣìṣẹ́ 60,000 bá wà lórí ìwé, tí 600 nínú wọn jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ tó ń mú 95 nínú ọgọ́rùn-ún máa mú 570 nínú wọn. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gidi tó kù jẹ́ 59,400. Tó bá ṣi márùn-ún péré mú nínú ọgọ́rùn-ún wọn, èèyàn 2,970 tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ni orúkọ wọn máa jáde bí olè. Gbogbo orúkọ tó jáde wá di 3,540. Nínú mẹ́fà-mẹ́fà wọn, bí ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ ayédèrú lóòótọ́. Ẹni tó tajà kò purọ́ o. Ohun tí wọn ò bi í ni kò sọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe bí ẹ̀rọ náà ṣe mọ̀wé tó. Ìbéèrè náà ni pé: nínú gbogbo orúkọ tó bá mú jáde, mélòó ló máa jẹ́ òótọ́, ìwé owó oṣù ta ni wọ́n sì fi dán an wò? Bó bá jẹ́ ìwé ilé iṣẹ́ aládàáni kan nílẹ̀ òkèèrè, kò tíì sọ nǹkan kan nípa olùkọ́ tó wà ní abúlé. Ọ̀nà tó dáa jù ni kí ilé iṣẹ́ ìjọba mú ìwé ọdún tó kọjá, èyí tí wọ́n ti fi ojúkojú yẹ òṣìṣẹ́ wò, tí wọ́n sì mọ èsì rẹ̀. Kí wọ́n fi èsì náà pa mọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn da ẹ̀rọ náà lé e lórí, kí wọ́n wá fi èyí wé ìyẹn. Kí owó gidi tó kúrò lọ́wọ́ ìjọba ni kí wọ́n ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ irú ìdánwò yìí ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí wọ́n máa kó sínú ẹ̀rọ. Níbí gan-an ni orúkọ Yorùbá ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Obìnrin kan lè máa jẹ́ Oluwaseun lórí ìwé owó oṣù, kó jẹ́ Seun ní báńkì, kó wá jẹ́ Sheun lórí káàdì NIN torí pé bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó tún ti lọ́kọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ti yí padà síbì kan, kò sì tíì yí padà níbòmíràn. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú orúkọ bí igba lára ìwé rẹ̀, kó fi ọwọ́ wo iye tí kò bára mu láàárín ìwé owó oṣù àti báńkì. Tí wọ́n bá pọ̀, ìwé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀rọ kankan ò lè bá wọn tún un ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Míṣígàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn bí nǹkan kékeré nínú ìwé ṣe lè ba ilé jẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, àjọ tó ń fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lówó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MiDAS. Òfin tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, kò tiẹ̀ jìn tó ọgbọ́n àtọwọ́dá òde òní. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń kọ owó tí òṣìṣẹ́ gbà ránṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí á pín owó náà dọ́gba sórí gbogbo ọ̀sẹ̀ oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó gba 6,500 dọ́là, tí wọ́n wá lé e, á bá ara rẹ̀ lórí ìwé pé 500 dọ́là ló ń gbà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Tó bá wá sọ pé òun ò gba kọ́bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ̀rọ á ní irọ́ ló pa.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún èèyàn láti dáhùn, ọ̀pọ̀ lẹ́tà náà sì lọ sínú àkáǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹni náà ti ṣíwọ́ lílò. Ẹni tí kò dáhùn ti jẹ̀bi. Ìtanràn ìlọ́po mẹ́rin owó náà ni, pẹ̀lú èlé 12 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń yọ ọ́ lára owó oṣù. Nígbà tí ìjọba padà yẹ ẹjọ́ 22,427 tí ẹ̀rọ nìkan dá wò, 93 nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣìṣe. Èyí tó yẹ kó kan àwọn olóṣèlú lára jù ni pé nínú àwọn ẹjọ́ tí èèyàn tiẹ̀ dá sí, 44 nínú ọgọ́rùn-ún náà kò rí bẹ́ẹ̀. Torí náà, tí ẹnì kan bá sọ pé "òṣìṣẹ́ wa ló máa fọwọ́ sí i", kò tíì tó. Òṣìṣẹ́ tó ní igba orúkọ láti fọwọ́ sí kí ilẹ̀ tó ṣú ò yẹ nǹkan kan wò.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò ìwífún ara ẹni ti ọdún 2023 ti sọ̀rọ̀ lórí èyí ní abala 37. Èèyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tó máa kan ayé rẹ̀ gidigidi. Àwọn àyè kan wà tí òfin náà yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹni náà lè béèrè pé kí èèyàn dá sí i, kó sì ta ko ìpinnu náà. Kò yẹ kí èyí wà nínú òfin nìkan. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn: pé wọn ò ní dá owó oṣù ẹnikẹ́ni dúró kí ẹni náà tó rí lẹ́tà gbà lọ́wọ́, pé lẹ́tà náà máa sọ ìdí rẹ̀ ní èdè tó yé e, àti pé ọ̀gá kan tí wọ́n dárúkọ ipò rẹ̀ lè yí i padà. Kí ẹ̀rọ náà sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó rí tó fi mú orúkọ jáde. Tí ilé iṣẹ́ tó tà á bá ní àṣírí òwò àwọn nìyẹn, kí ni ìjọba máa sọ fún adájọ́?

Ibì kan tún wà tí wọ́n sábà máa ń fojú fò, ìyẹn ọjọ́ tí àdéhùn bá parí. Níbo ni NIN àti nọ́ńbà báńkì òṣìṣẹ́ 60,000 máa wà? Ṣé ilé iṣẹ́ náà lè fi kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n máa tà fún ìpínlẹ̀ mìíràn? Bí àdéhùn kò bá kà á léèwọ̀, wọ́n lè ṣe é.

Ní Míṣígàn, oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni wọ́n dá ẹ̀rọ náà dúró láti máa dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbà láti san 20 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tó pè é lẹ́jọ́. Àwọn kan ti pàdánù ilé wọn kó tó dìgbà yẹn.