Drop Shadow kọ́ ni òjìji

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lẹ bàbá tó ti kú mọ́ fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ẹ gbọ́. Drop Shadow tẹ́ ẹ ń tẹ̀ yẹn, ńṣe ló ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n lẹ bàbá mọ́ ògiri.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ká ní òjìji ìyàwó nà sápá ọ̀tún fọ́tò, tó sì tó ìdajì gíga rẹ̀. Òsì ni oòrùn wà nìyẹn. Bí bàbá bá máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjìji tiẹ̀ náà gbọ́dọ̀ nà sí ọ̀tún, kó tó ìdajì gíga tiẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí bàtà ti kan ilẹ̀ gan-an. Ẹ ṣe ẹ̀dà bàbá, ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ fi Distort tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá yan Multiply kí ilẹ̀ lè hàn lábẹ́ ẹ̀. Ìdí ẹsẹ̀ ni kó ti dúdú jù.

Àmọ́ ojú ló ń tú àṣírí jàre. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọ̀tún wá nínú fọ́tò bàbá, òjìji imú ẹ̀ á bọ́ sí òsì. Flip Horizontal á tún ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n bí bàbá bá kọ bààmú, ilà á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ṣé ẹ rò pé ìyá ò ní mọ̀ ni?

Ti pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n fi fíláàṣì yà ló burú jù. Ojú mọ́ kárí, kò sí òjìji kankan níbẹ̀. Èmi ò ní gbà á fún fọ́tò inú oòrùn. Màá ní kí wọ́n wá èyí tí wọ́n ya bàbá níta.