Ọ̀fẹ́ Tí Dátà Ń San Owó Rẹ̀

Àwọn oníṣòwò tí mo mọ̀ níbí ní Bouaké fẹ́ràn áàpù tó ń yọ ẹ̀yìn àwòrán kúrò. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí àga, wọ́n á yà á, áàpù á sì yọ àga kúrò. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Èmi ò gbà. Iye àwòrán tí wọ́n fún wa lóòjọ́ là ń kà, a kì í ka dátà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán tí fóònù yà sábà máa ń tó mẹ́gábáìtì 4. Bí ìyá aláṣọ kan bá fẹ́ tún 20 ṣe, mẹ́gábáìtì 80 ló máa fi ránṣẹ́, ká tó ka èsì tó ń padà bọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń gbé kílóbíìtì 256 péré lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan á gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ áàpù máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dátà tó ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Èyí tó tún burú ni pé àwòrán lè dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n ṣiṣẹ́ sí i, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já kí èsì tó dé ọwọ́ ẹni. Bí iye tó kù fún yín bá ti dín, tí ẹ ò sì rí àwòrán, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tíì tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá áàpù náà tọ́jú èsì síbì kan.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé ká dín àwòrán kù lórí fóònù ká tó fi ránṣẹ́. Snapseed ń ṣe é láìlo dátà: nínú Settings, ẹ lọ sí Image sizing, kí ẹ yan 1,366 px. Àwòrán á sún mọ́ kílóbáìtì 300. Ogún rẹ̀ di mẹ́gábáìtì 6 dípò 80, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. A ò pàdánù púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀fẹ́ wọn kì í dá àwòrán ńlá padà: ti remove.bg kì í ju píksẹ́lì 625 sí 400 tàbí ohun tó bá a dọ́gba lọ. WhatsApp náà á sì tún un dín kù. Àfi bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pátákó ìpolówó ni kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Síbẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ìyá aláṣọ ni yóò máa ṣe ìṣirò yìí. Àwọn tó ṣe áàpù lè mú kí ó dín àwòrán kù kó tó kúrò lórí fóònù, kí wọ́n má sì ka iṣẹ́ kankan mọ́ wa lọ́rùn títí èsì yóò fi dé ọwọ́ wa. Ọjà tí kò tíì dé ọwọ́ oníbàárà, a kì í gbowó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.